Orí Kẹta: Ìlà Kan Lábẹ́ Orúkọ Rẹ

Lórí LinkedIn, àyè kan wà lábẹ́ orúkọ rẹ tí wọ́n pè ní Headline. Bí o kò bá fúnra rẹ kọ nǹkan síbẹ̀, orúkọ ipò rẹ àti ti ilé iṣẹ́ rẹ ni wọn yóò fi dí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé kiri nìyẹn: "Mánéjà ní ilé iṣẹ́ báyìí-báyìí." Ẹni tó bá kà á mọ ibi tí o ti ń gbowó oṣù, àmọ́ kò mọ ohun tí o lè bá òun ṣe. Bẹ́ẹ̀, ìlà yìí ló ń tẹ̀lé orúkọ rẹ kiri. Bí ẹnì kan bá ń wá oníṣẹ́, òun ló máa rí. Bí o bá dá sí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì sọ, ó wà níbẹ̀. Bí o bá ní kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí gbà ọ́ mọ́ra, òun náà ló máa kọ́kọ́ kà kó tó pinnu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ṣí ojú ewé rẹ láéláé.

Ìlà iṣẹ́ ni n ó máa pè é nínú orí yìí, nítorí kì í ṣe LinkedIn nìkan ló ti wúlò. Ó wà lábẹ́ orúkọ rẹ lórí WhatsApp, ó wà lára káàdì, ó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù, ó sì wà lẹ́nu rẹ nígbà tí alága ìpàdé bá ní kí àlejò dìde kó sọ ara rẹ̀. Níbi gbogbo, ohun méjì ló ní láti sọ: iṣẹ́ tí o ń ṣe, àti ẹni tí o ń ṣe é fún. Àwọn ènìyàn máa ń rí ti àkọ́kọ́ sọ. Èkejì ni wọ́n ń sá fún, òun sì ni n ó pẹ́ lé lórí jù.

Ẹni tó ń kiri mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ kì í kígbe pé òun jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun tó nífẹ̀ẹ́ oníbàárà. Oúnjẹ ló ń dárúkọ, ó sì ń jẹ́ ká mọ̀ pé ó gbóná, nítorí ẹni tí ebi ń pa nínú ilé gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kó tó kọjá ojúlé. Ìwọ̀nba àkókò tí òun ní náà ni ìlà iṣẹ́ ní.

Kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kan, mọ ẹni tí ìlà náà wà fún. Púpọ̀ jù nínú wa rò pé oníbàárà ni. Lójú tèmi, ẹni tó máa dárúkọ rẹ níbi tí o kò sí ni. Bí iṣẹ́ ṣe ń rìn lọ́dọ̀ wa nìyẹn: akápò ẹgbẹ́ kan bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní, "Ṣé ẹ mọ ẹnì kan tó lè bá wa wo ìwé owó wa?" Ọ̀rẹ́ yẹn ò ní ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ láti rántí. Bí ohun tó kà lábẹ́ orúkọ rẹ bá jẹ́ "Ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìṣúná | Olùgbaninímọ̀ràn | Aṣáájú tó ń mú àyípadà wá", kò sí èyí tó lè tún sọ nínú wọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tí ó lè sọ lẹ́nu tirẹ̀, "Arábìnrin kan wà tó máa ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ìwé owó", iṣẹ́ ti dé ọwọ́ rẹ. Nítorí náà, òṣùwọ̀n tí n ó máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin orí yìí ni pé kí ẹlòmíì lè tún ìlà náà sọ láìwo ìwé.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan, ká bá a kọ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní obìnrin kan wà n'Ìbàdàn tó kàwé ìṣirò owó ní ilé ẹ̀kọ́ gíga póli, tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tó kọ sí abẹ́ orúkọ rẹ̀ ni: "Aṣírò owó | Onímọ̀ owó orí | Mo ń ran oníṣòwò lọ́wọ́ láti dàgbà." Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tí akápò ẹgbẹ́ kan lè nawọ́ sí pé, "Èmi nìyí, èmi ni wọ́n ń bá wí."

Kì í ṣe ìrònú ni yóò fi rí ìlà tuntun. Àlẹ́ẹ̀tì báńkì ni. Kí ó ṣí ti ọdún kan sẹ́yìn, kí ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó sanwó iṣẹ́ fún un sílẹ̀, àtẹni tó san púpọ̀ àtẹni tó san díẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ nǹkan mẹ́ta: ṣé ẹni náà padà wá, ta ló mú un wá, àti ọ̀rọ̀ wo gan-an ló fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pè. Ti ìkẹta yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni ìlà iṣẹ́ ti ń jáde. Orí WhatsApp ni ó ṣeé ṣe kó wà. Kó wá orúkọ ẹni náà, kó fà á lọ sókè títí dé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kó da ohun tó bá níbẹ̀ kọ bó ṣe wà, kó má tún un ṣe.

Ká ní oníbàárà mẹ́rìnlá ló rí. Mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mẹ́ta jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, méjì jẹ́ ilé ìtajà oògùn, ọ̀kan sì jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ẹ̀kọ́ ló san owó tó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún iṣẹ́ owó orí, ìdí nìyẹn tó fi ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ owó orí. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó padà wá nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń padà wá lọ́dọọdún, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ìṣirò owó wọn síwájú ìpàdé gbogboogbò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kí wọ́n tó pín èrè. Yàtọ̀ sí èyí, nínú àwọn mẹ́jọ yẹn, mẹ́rin ni ẹgbẹ́ mìíràn mú wá. Akápò mọ akápò. Owó tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tó ìdí láti gbé oníbàárà sínú ìlà iṣẹ́. Ẹni tó ń padà wá, tó tún ń mú ẹlòmíì wá, ni kó wà níbẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Márùn-ún nínú àwọn mẹ́jọ ló bẹ̀rẹ̀ bákan náà: "Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pariwo. Wọ́n ní iye tó wà nínú ìwé àwọn kò bá ti ẹgbẹ́ mu." Ẹni tó bá mọ bí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń rí mọ ibi tí ariwo yẹn ti ń wá. Láti orísun ni wọ́n ti ń yọ owó ìfipamọ́ lára owó oṣù. Gbogbo rẹ̀ á wọ báńkì ẹgbẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àkójọ orúkọ á sì tẹ̀lé e, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí wọ́n bá kọ orúkọ ẹnì kan lódìkejì, tàbí tí ẹnì kan kúrò ní ẹ̀ka kan lọ sí òmíràn, owó rẹ̀ lè wọ ìwé ẹlòmíì. Títí di ìgbà tí ó bá fẹ́ yáwó, kò ní mọ̀. Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe gan-an ni pé ó ń mú ìwé ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wé ìwé ńlá ẹgbẹ́, ó ń fi wé àkójọ orúkọ tó wá láti ibi iṣẹ́, ó sì ń wá ibi tí wọ́n ti yà.

Kò sí ohun tó jọ èyí nínú "mo ń ran oníṣòwò lọ́wọ́ láti dàgbà." Akápò kò wá ẹni tó máa mú ẹgbẹ́ dàgbà. Ẹni tó máa mú ariwo kúrò níwájú ìpàdé ọdọọdún ló ń wá.

Apá àkọ́kọ́, ìyẹn iṣẹ́ tí o ń ṣe, kì í gba àkókò púpọ̀ lẹ́yìn èyí. Kọ ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe, má kọ orúkọ oyè. Télọ̀ tó kọ "oníṣẹ́ ọnà aṣọ" kò tíì sọ bóyá aṣọ ìgbéyàwó ni tàbí aṣọ ilé ìwé. Bó bá kọ pé, "Mo ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún ilé ẹ̀kọ́ aládàáni l'Ábẹ́òkúta", ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó bá rí i kò ní béèrè ohun tó ń ṣe mọ́. Iye tó ń gbà àti ọjọ́ tó máa parí ni yóò béèrè. Bí o kò bá mọ ọ̀rọ̀ tí wàá lò, wo ohun tí oníbàárà pe iṣẹ́ náà nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Kò sí akápò tó pè é ní ìbáramu àkọsílẹ̀. Ìwé owó ni gbogbo wọn ń pè é.

Apá kejì ló ń dẹ́rù ba ènìyàn. "Bí mo bá kọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ṣé ilé ìtajà oògùn ò ní sá fún mi?" Ìbéèrè tó dáa ni, kì í sì í ṣe ẹnu ni wọ́n fi ń dáhùn rẹ̀. Padà sí àkójọ àlẹ́ẹ̀tì, kí o wo bí àwọn méjì tó ni ilé ìtajà oògùn ṣe dé ọ̀dọ̀ obìnrin wa. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti bá ṣiṣẹ́; èkejì jẹ́ àbúrò ìyẹn. Kò sí ẹni tó tìtorí ìlà iṣẹ́ wá nínú wọn. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ rẹ yóò mú iṣẹ́ mìíràn wá bá ọ, ohun yòówù kí o kọ sílẹ̀. Àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n rí ni ìlà iṣẹ́ wà fún, àwọn wọ̀nyí ló sì nílò kí o dárúkọ wọn.

Bí a ṣe lè mọ̀ bóyá orúkọ tí a fi pè wọ́n fẹ̀ jù ni kí a bi ara wa pé ṣé wọ́n mọ̀ pé àwọn wà nínú ẹgbẹ́ náà. Kò sí ẹni tó jí láàárọ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní "oníṣòwò kékeré àti alábọ́ọ́dé." Ìjọba àti báńkì ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń ta bàtà ní Gbági ń pe ara rẹ̀ ní oníbàtà. Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ̀ pé akápò ni òun. Ní ìdàkejì, bí a ṣe lè mọ̀ pé ó ti há jù ni pé kí o gbìyànjú láti dárúkọ mẹ́wàá nínú irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ tó wà ní ìlú tí o ti ń ṣiṣẹ́, yálà o ti bá wọn ṣiṣẹ́ tàbí o kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá lè rí mẹ́wàá dárúkọ, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni: bóyá wọn kò pọ̀ tó láti bọ́ ọ, tàbí o kò tíì mọ̀ wọ́n tó.

Obìnrin wa rò ó pé kí òun tún há a sí i, kí òun kọ "ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba", nítorí mẹ́fà nínú àwọn mẹ́jọ ni tàwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Méjì yòókù jẹ́ ti ọlọ́jà, tí wọ́n ń dáwó lọ́wọ́ sí ọwọ́. N ò ní gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nínú ti ọlọ́jà yàtọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe fún wọn ò yàtọ̀, akápò ọlọ́jà sì ń pe wàhálà rẹ̀ ní orúkọ kan náà. Ibi tí iṣẹ́ bá yapa ni kí o ti ya oníbàárà sọ́tọ̀. Kí ó dúró lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Ìlú ńkọ́? Ó wà lọ́wọ́ bí o ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ó bá jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ lọ jókòó ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kó tú ìwé ọmọ ẹgbẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí Ìbàdàn wà nínú ìlà náà, nítorí ẹgbẹ́ tó wà ní Akúrẹ́ yóò pè é lásán. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí kọ̀ǹpútà, kó yọ orúkọ ìlú kúrò, kó lo àyè náà fún nǹkan mìíràn. Ti obìnrin wa, ìwé ọwọ́ ló ń tú. Ìbàdàn dúró.

Ohun tó jáde nìyí:

"Mo ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ìwé owó n'Ìbàdàn"

Kíyè sí i pé ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ti jáde kí iṣẹ́ tó jáde. Yorùbá fún wa láyè yẹn, ó sì dáa ká lò ó, nítorí àyè ń já ọ̀rọ̀ gé. LinkedIn gbà kí o kọ tó ẹyọ 220, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń hàn. Lójú fóònù, nígbà tí ìlà náà bá wà lábẹ́ orúkọ rẹ níbi tí o ti dá sí ọ̀rọ̀ tàbí níbi tí wọ́n ti ń wá ènìyàn, iwájú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí, tí àmì ìdánudúró mẹ́ta á sì bo ìyókù. Iye tó ń hàn yàtọ̀ láti fóònù dé fóònù. Èmi máa ń ṣe é bíi pé ẹyọ 45 péré ni mo ní: kí iṣẹ́ àti ẹni tí mo ń ṣe é fún ti parí síbẹ̀, kí ohunkóhun tó bá kù jẹ́ èènì. Ìlà òkè yìí jẹ́ ẹyọ 42, àlàfo pẹ̀lú.

Bó ṣe rí lójú nìyẹn. Ẹ̀rọ lè kà á sí 44. Lẹ́tà tó bá ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ní àmì ohùn lókè, bí ẹ́ àti ọ̀, kò ní ẹyọ kan ṣoṣo tó dúró fún un nínú ẹ̀rọ. Lẹ́tà àti àmì ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń kà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé àmì ìsàlẹ̀ náà ń dá dúró, tí lẹ́tà kan á wá di mẹ́ta. Lórí LinkedIn, 220 ti fẹ̀ tó, kò ní dí ọ lọ́wọ́. Àyè About lórí WhatsApp kò gbà ju 139 lọ, níbẹ̀ ló ti lè mú ọ láìròtẹ́lẹ̀. Má yọ àmì kúrò nítorí èyí. Gé ọ̀rọ̀ kúrò. Bó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni o fẹ́ kọ ọ́ nítorí àwọn tó ń wá ọ ń fi Gẹ̀ẹ́sì wá ọ, kọ ọ́ ní Yorùbá ná, kí o tó túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ máa ń rí ibi sá pamọ́ sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Tí o bá gbé e wá sí Yorùbá, ìwọ fúnra rẹ á béèrè pé, "Kí ni mo tilẹ̀ ń sọ?"

Ó kù kí a sọ ti apá kẹta, èyí tí kò pọn dandan: kí ni oníbàárà máa rí gbà níbẹ̀. Bó bá wà, kó wà lẹ́yìn. Bí obìnrin wa ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́ ni pé, "kí iye tó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ àti iye tó wà ní báńkì lè bára mu." Ó dùn ún gbọ́, akápò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì rẹ́rìn-ín. Owó ìfipamọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í wà ní báńkì tán. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti jáde lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yáwó fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn. Bí méjèèjì bá bára mu, á jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà ò yá ẹnikẹ́ni lówó. Àṣìṣe kan ṣoṣo báyìí nínú ìlà kan ṣoṣo tó láti sọ fún ẹni tó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà pé ìwọ ò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kí o tó fi apá kẹta sí i, kà á fún oníbàárà kan tó mọ inú iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí o sì wo ojú rẹ̀. Ohun tó tọ́ ni:

"Mo ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ìwé owó n'Ìbàdàn, kí ìwé ọmọ ẹgbẹ́ bá ti ẹgbẹ́ mu"

Gbogbo rẹ̀ kò tó 80 kódà bí ẹ̀rọ bá ka àmì ohùn mọ́ ọn, ó sì wọ WhatsApp láìgé. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹnu àwọn akápò márùn-ún ló ti mú un.

Má ṣe ìlérí tí kò sí lọ́wọ́ rẹ. "Kí àyẹ̀wò yín lè yege" kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí olùyẹ̀wò ló ń pinnu ìyẹn. "Kí ìwé bára mu" wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni ti nọ́ńbà: bó bá fẹ́ kọ pé ẹgbẹ́ mẹ́jọ ni òun ti bá ṣe é, kó kọ ọ́, bó bá lè dárúkọ wọn fún ẹni tó bá béèrè, tí àwọn ẹgbẹ́ náà sì fọwọ́ sí i. "Ọgọ́rọ̀ọ̀rún oníbàárà" kò sàn ju kéèyàn má kọ nǹkan kan lọ.

Orúkọ oyè iṣẹ́ tún wà tí òfin so mọ́ ẹgbẹ́ tó ni ín. Ní Nàìjíríà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó kàwé ìṣirò owó ló lè pe ara rẹ̀ ní aṣírò owó tó gba àṣẹ. Òfin 1965 ló dá ICAN sílẹ̀, òfin 1993 ló sì fún ANAN ní àṣẹ tirẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ lo orúkọ oyè tí ẹgbẹ́ náà ń fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Obìnrin wa ní ìwé ẹ̀rí póli, kò tíì ṣe ìdánwò ẹgbẹ́ kankan. "Mo ń ṣe ìwé owó" kò ba òfin jẹ́, kò sì pa á lára lọ́dọ̀ akápò. Àwọn agbẹjọ́rò àti dókítà ní láti ṣọ́ra ju èyí lọ, nítorí ìlànà iṣẹ́ wọn pààlà sí bí wọ́n ṣe lè polówó ara wọn. Kí wọ́n kà á kí wọ́n tó kọ ju orúkọ ẹ̀ka iṣẹ́ wọn lọ.

Lẹ́yìn tó bá ti kọ ọ́, kó dán an wò. Kó pe ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ̀gbọ́n tàbí ojúlùmọ̀ ilé ìjọsìn, kó kà á fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí fóònù, kó má ṣàlàyé. Lọ́jọ́ kejì, kó tún pè é: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹnì kan bá bi yín pé kí ni mò ń ṣe, kí lẹ máa sọ?" Kí ó má bínú bí ọ̀rọ̀ bá yí. Ó ń fetí sí bóyá iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, àti bóyá ẹni tó ń ṣe é fún ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá sọ pé, "O ń bá àwọn ẹgbẹ́ ṣe nǹkan owó," ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. "Alájẹṣẹ́kù" ni kò dúró lórí rẹ̀, bóyá nítorí ó sáré sọ ọ́. Bó bá sọ pé, "Ṣebí akáúńtáǹtì ni ẹ́," ìlà náà kò ṣiṣẹ́, orúkọ oyè tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló padà sí. Ìdánwò yìí ò lè sọ fún ọ bóyá iṣẹ́ yóò wá. Ohun tó lè sọ ni bóyá ọ̀rọ̀ náà ń rìn.

Àwọn ìpè tó bá ń wọlé ni yóò sọ ìyókù. Láàárín oṣù mẹ́ta, kó máa kọ ohun tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń béèrè sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń béèrè pé, "Ṣé ẹ máa ń yáni lówó?", á jẹ́ pé "alájẹṣẹ́kù" ni wọ́n rí, wọn kò rí "ìwé". Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kó gbé iṣẹ́ síwájú, "Mo ń ṣe ìwé owó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù." Bí ọmọ ẹgbẹ́ lásán bá ń pè é láti fi ẹjọ́ akápò sùn, ọ̀rọ̀ "kí ìwé ọmọ ẹgbẹ́ bá ti ẹgbẹ́ mu" ló ń fà á, ọmọ ẹgbẹ́ rò pé òun ni wọ́n ń bá wí. Níbẹ̀, kó kọ "fún àwọn akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù" ní tààràtà. Bí kò bá sí ẹni tó pè rárá, má tíì dá ìlà náà lẹ́bi. Wò ó bóyá ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ń rí i. Ẹni tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ kankan, tí kì í sì í kàn sí ẹnikẹ́ni, kò ní ìlà tó lè gbà á.

Ti ẹni tó ń wá iṣẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. "Mò ń wá iṣẹ́" sọ ohun tí ìwọ fẹ́, kò sọ ohun tí o lè ṣe. Ẹni tí o ń ṣiṣẹ́ fún níbẹ̀ ni irú ilé iṣẹ́ tí o fẹ́ wọ̀: "Mo ti bá ilé ìwòsàn aládàáni tọ́jú fáìlì aláìsàn fún ọdún mẹ́rin; mo fẹ́ ṣe é l'Ékòó." Ẹni tó ṣì wà níṣẹ́ lọ́wọ́ lè fi orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀, kí ó má jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan. Ẹni tó ní iṣẹ́ méjì tí kò jọra, bí ẹni tó ń ya fọ́tò tó tún ń kọ́mọ ní ìṣirò, kó má gbé méjèèjì sórí ìlà kan. Kó gbé èyí tó fẹ́ kí wọ́n tìtorí ẹ̀ pè é sókè, kó fi èkejì sí ìsàlẹ̀ ojú ewé níbi tí àyè ti pọ̀. Owó orí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí obìnrin wa ń ṣe, ìsàlẹ̀ ni ó lọ.

Tí ìlà náà bá ti yege lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, kó gbé e sórí LinkedIn àti WhatsApp lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀rọ̀ inú wọn má yàtọ̀ síra, nítorí ẹni tó rí i níbì kan yóò wò ó níbòmíràn kó tó pè. Káàdì àti pátákó ló máa kẹ́yìn. Kó jẹ́ kí oṣù mẹ́ta yẹn kọjá ná, kó mọ ìpè tó ń wọlé, kó tó sanwó fún ẹni tó ń tẹ̀wé.